Kí Ẹ Tó Dárúkọ Ipò Yín: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Bí A Ṣe Ń Fi Ara Ẹni Han Àwùjọ

(Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde kan ní Ìbàdàn. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ síhìn-ín, àfi ìkíni tí mo gé kúrú.)

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò kárí, ẹ kú ìnira. Alága, ẹ ṣeun tí ẹ fún mi láyè.

Kí wọ́n tó pè mí síbí, ẹni mẹ́rìnlélógún dìde nínú gbọ̀ngàn yìí, wọ́n sì fi ara wọn hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kà wọ́n, mo sì fi bírò kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ta ni ó lè sọ fún mi irú iṣẹ́ tí ẹni kẹsàn-án ń ṣe? N kò bèèrè orúkọ. Iṣẹ́ nìkan ni mo bèèrè.

(Kò sí ẹni tí ó dáhùn.)

Ó dára. Nínú gbogbo wọn, ta ni ẹ rántí?

(Ọ̀pọ̀ ènìyàn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé: “Bàbá onígi!”)

Ẹ gbọ́ ara yín! Bàbá dìde, wọ́n kí wa, wọ́n wá ní: “Bí igi ńlá bá ń fì lórí ilé yín, tí ẹ kò lè sùn bí òjò bá ṣú, èmi ni wọ́n máa ń pè kí igi náà tó wó.” Ìgbà náà ni wọ́n tó dárúkọ ara wọn. Ẹni kẹsàn-án sọ̀rọ̀ pẹ́ ju bàbá lọ. Ó dárúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀, ó dárúkọ ẹ̀ka, ó dárúkọ ipò rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Kò purọ́, kò ṣe àṣìṣe. Síbẹ̀, nígbà tí a jáde lọ mu omi, ẹni mẹ́ta ni mo rí tí wọ́n ń gba nọ́ńbà fóònù lọ́wọ́ bàbá onígi, ẹni kẹsàn-án sì dá dúró pẹ̀lú ìgò omi rẹ̀. Ó dùn mí, nítorí mo mọ̀ pé iṣẹ́ rere ni ó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ àárín ẹni méjì yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí: bí a ṣe lè fi gbólóhùn tí ń fa etí mọ́ra nípa ohun tí ọwọ́ wa ń ṣe ṣáájú, kí orúkọ iṣẹ́ àti ipò wa tó tẹ̀lé e.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí etí àwọn tí ń gbọ́ wa

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé, níbi tí ẹni kan ti ń dìde tẹ̀lé ẹnì kejì, ẹni tí ó kàn kì í gbọ́ràn. Ní ọdún 1973, oníwàdìí kan tí ó ń kọ́ nípa ìrántí ẹ̀dá tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí èyí. Ó mú kí àwọn ènìyàn jókòó yí ká, kí oníkálukú sì máa ka ọ̀rọ̀ kan sókè bí ó bá ti kàn án. Nígbà tí ó ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rántí, ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn kà gẹ́rẹ́ kí ó tó kàn wọ́n ni wọ́n gbàgbé jù. Ṣé ó yà yín lẹ́nu? Ohun tí ẹni náà fẹ́ sọ ni ó ń tò lọ́kàn. Etí rẹ̀ wà níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, àwọn tí ń gbọ́ yín kò tó iye àwọn tí ń wò yín.

Ìwádìí kejì ni ó ṣí mi lójú jù. Ní ọdún 1987, àwọn oníwàdìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àwòrán ojú àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí han àwọn ènìyàn, wọ́n sì sọ orúkọ àti iṣẹ́ ọkọ̀ọ̀kan fún wọn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lo àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ orúkọ ìdílé, tí ó sì tún jẹ́ orúkọ iṣẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí aṣebúrẹ́dì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìró kan náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin náà ni, àwọn ènìyàn máa ń rántí rẹ̀ ju ìgbà tí wọ́n bá sọ pé orúkọ rẹ̀ ni. Kí ló fà á? Àlàyé tí ọ̀pọ̀ fọwọ́ sí ni pé bí ẹnìkan bá jẹ́ aṣebúrẹ́dì, ojú inú wa a rí iná, ìyẹ̀fun àti òórùn búrẹ́dì ní kùtùkùtù. Bí ó bá kàn ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìró lásán ni.

Ẹnìkan lè bi mí pé: “Ṣé kì í ṣe pé ìwádìí yìí ta ko ohun tí o ń sọ? Iṣẹ́ ni wọ́n rántí, kí ló dé tí o fi ní ká má dárúkọ iṣẹ́?” Ìbéèrè tó dára ni. Ṣùgbọ́n irú orúkọ iṣẹ́ wo ni? Nígbà tí àwọn baba wa bá sọ pé alágbẹ̀dẹ ni lágbájá, ẹ ó rí ewìrì, ẹ ó rí irin tí ó pọ́n. Bí wọ́n bá pe ìyá kan ní aláró, ẹ ó rí ìkòkò, ẹ ó rí ọwọ́ tí ó dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Apẹja, gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹlẹ́mu: àwòrán ń bẹ nínú orúkọ fúnra rẹ̀. Bí mo bá wá sọ pé Igbákejì Olùdarí Àgbà fún Ètò àti Ìṣàmójútó ńkọ́? Kí ni ojú inú yín rí? Tábìlì ni. Ipò tí òde òní fi ń pè wá ti di ìró lásán bí orúkọ ẹni tí a kò mọ̀ rí. Ibi tí a jókòó sí nínú ilé iṣẹ́ ni ó ń sọ, kò sọ ohun tí ọwọ́ wa ń ṣe. Iṣẹ́ gbólóhùn ìfàmọ́ra tí mo fẹ́ kọ́ yín ni pé kí ó dá àwòrán náà padà.

Kì í ṣe àṣà àjèjì o. Ní àsìkò àlọ́, bí àgbà bá fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ahọ́n, kò ní bẹ̀rẹ̀ pé ahọ́n jẹ́ ẹ̀yà ara tí ó wà ní ẹnu. “Awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́” ni yóò pa lálọ̀ọ́, gbogbo ọmọ a sì na ọrùn. Ẹ tún wo ẹni tí ń kiri ọ̀lẹ̀. Kò dúró sí oríta kí ó máa kà pé òun ni olóòlẹ̀ tí ó ti agbo ilé báyìí wá. Ó ń ké pé gbígbóná fẹlifẹli lọba ń jẹ ọ̀lẹ̀, ẹni tí ebi ń pa sì ti gbọ́ òórùn rẹ̀ kí igbá tó sọ̀kalẹ̀. Ohun tí a ń ṣe fún ọ̀lẹ̀, kí ló dé tí a kò ṣe é fún iṣẹ́ ọwọ́ wa?

Òṣìṣẹ́ ìlera kan àti ìgò abẹ́rẹ́

Ibí ni ọ̀rọ̀ mi yóò ti gùn díẹ̀; ẹ bá mi fara balẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wá bá mi ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ ìlera ni ní ìjọba ìbílẹ̀ kan, wọ́n sì máa ń rán an lọ bá àwọn ìyálọ́jà àti àwọn baálẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: “Ẹ káàárọ̀ o. Orúkọ mi ni Lágbájá. Èmi ni Alábòójútó Àgbà fún Ìpamọ́ àti Ìpínkiri Àjẹsára ní Ẹ̀ka Ìlera Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba ìbílẹ̀ wa.” Mo bi í pé kí ni àwọn ìyá máa ń bi í léèrè lẹ́yìn náà. Ó ní wọ́n máa ń ní kí òun bá àwọn wá iṣẹ́ ìjọba fún ọmọ àwọn. Ẹ rí i bí? Nínú gbogbo gbólóhùn gígùn náà, “ìjọba” nìkan ni wọ́n gbọ́.

Mo ní kí ó gbàgbé ipò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo bi í pé: “Kí ni ẹ ṣe lánàá, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́?” Bí ó ṣe ń ròyìn ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òun ṣí yàrá ìkóǹkanpamọ́, òun wo ẹ̀rọ tí ń sọ bí fíríìjì ṣe tutù tó, òun sì kọ ọ́ sínú ìwé. Kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju dígíríì 2 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ ju 8 lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ òun tún wò ó. Nígbà tí iná lọ, òun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí fíríìjì náà. Nígbà tí òun fẹ́ kó abẹ́rẹ́ lọ sí abúlé kan, òun yọ àwọn ike yìnyín kalẹ̀, òun sì ń mì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí lọ́kọ̀ọ̀kan títí òun fi gbọ́ ìró omi nínú wọn, kí òun tó kó wọn sínú àpótí. Mo ní kí ló dé tí kò fi kó yìnyín náà bí ó ṣe le. Ó ní àwọn abẹ́rẹ́ kan wà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá dì, wọ́n bàjẹ́ nìyẹn, bí wọ́n tilẹ̀ yọ́ padà. Òtútù tí ó pọ̀ jù lè bà wọ́n jẹ́ bí ooru ṣe lè bà wọ́n jẹ́.

Ẹ wo obìnrin tí ń fi etí gbọ́ yìnyín! Ohun tí ó wà níwájú gbogbo ìyá ọjà nìyí, tí wọn kò rí, nítorí pé Alábòójútó Àgbà dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Èmi ni mo yan gbólóhùn àkọ́kọ́ fún un, mo sì ṣì í yàn. Mo ní kí ó máa sọ pé: “Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún fún ọmọ yín lè ti bàjẹ́ kí ó tó dé apá rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀.” Ó sọ ọ́ ní ọjà kan. Ariwo ọjà rọlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyá kan dìde, ó bèèrè bóyá èyí tí ó bàjẹ́ ni wọ́n gún fún ọmọ òun. Òmíràn ní ìdí tí òun kò fi gbé ọmọ òun lọ mọ́ nìyẹn. Gbogbo ìyókù ìpàdé náà ni ó fi ń pẹ̀tù sí ọkàn wọn. Nígbà tí ó ròyìn fún mi, mo bẹ̀ ẹ́, nítorí ọwọ́ mi ni àṣìṣe náà ti wá. Mo ti wá ohun tí yóò mú wọn dákẹ́. N kò wá ohun tí yóò mú wọn gbé ọmọ wá. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

A tún jókòó. Mo bi í pé kí ni ìyá kan lè fi ojú ara rẹ̀ rí nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ó ronú díẹ̀, ó wá ní àmì kékeré kan wà lára ọ̀pọ̀ ìgò abẹ́rẹ́: òrùka kan tí àmì onígun mẹ́rin wà láàárín rẹ̀. Bí ìgò bá ń pẹ́ nínú ooru, àárín náà a máa dúdú sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti dúdú bákan náà pẹ̀lú òrùka, tàbí tí ó dúdú jù ú lọ, wọn kò gbọ́dọ̀ gún un fún ọmọ mọ́. Láti ọdún 1996 ni àmì yìí ti wà lára ìgò àjẹsára rọpárọsẹ̀. Ó ti ń bá àwọn nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Àwọn ìyá ni ẹnikẹ́ni kò fi hàn. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wá rí nìyí:

“Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ìyá wa, ajé á wọgbá. Bí ẹ bá tún gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi ìgò náà hàn yín. Ẹ ó rí òrùka kékeré kan lára rẹ̀. Bí àárín òrùka náà bá mọ́ ju òrùka fúnra rẹ̀ lọ, ooru kò tíì ba abẹ́rẹ́ yẹn jẹ́. Èmi ni mo ń tọ́jú wọn sínú òtútù láti ọjọ́ tí wọ́n bá kó wọn dé títí wọn yóò fi bọ́ sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Lágbájá ni orúkọ mi. Ilé ìlera ìjọba ìbílẹ̀ wa ni ẹ ti lè rí mi.”

Kò gba ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ìyá kan bi í ni pé: “Bí àárín bá wá dúdú ńkọ́?” Ó ní nọ́ọ̀sì yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì mú òmíràn. Láti ibẹ̀ ni ìpàdé náà ti gbérasọ. Kò sí ẹni tí ó bèèrè iṣẹ́ ìjọba.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo bí ó ṣe tò ó. Ìkíni ni ó ṣáájú, nítorí pé ní ilẹ̀ wa ẹni tí kò kíni kò ní àwòrán kankan tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ó kí wọn tán, ó sọ ohun kan tí wọ́n lè fi ojú rí, ó wá sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe sí nǹkan náà. Orúkọ àti ibi iṣẹ́ ló kẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ti ní ìdí láti fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ tún kíyè sí i pé kò sọ pé “abẹ́rẹ́ yẹn dára.” Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òun ni ó pa á rẹ́. Ó ní ooru nìkan ni àmì náà ń kà, kò lè sọ bóyá abẹ́rẹ́ ti dì rí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún èyí. Gbólóhùn tí ó bá ju òtítọ́ lọ ní ìka kan péré, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ni yóò kọ́kọ́ dá yín dúró, ní ojú gbogbo ènìyàn.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá ó wọlé

Ẹ má fi pátẹ́wọ́ díwọ̀n. Ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e ni kí ẹ máa gbọ́. Bí wọ́n bá bi yín pé “Níbo lẹ tún ní ẹ ti ń ṣiṣẹ́?”, kò wọlé. Bí wọ́n bá ní “Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é?” tàbí “Bí ó bá wá rí báyìí ńkọ́?”, ó ti wọlé. Ìdánwò kejì ni pé kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì, kí ẹ bi ẹni tí ó gbọ́ yín léèrè pé kí ni ó sọ nípa yín nílé. Ẹni tí ó gbọ́ ọmọbìnrin yìí yóò sọ ti òrùka ara ìgò.

Àṣìṣe tí mo rí jù lọ ni kí ẹni kan sọ ọ́ di àlọ́ tí kò ní ìtumọ̀. “Mo máa ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ọjọ́ ọ̀la àwọn ènìyàn.” Kí ni ìyẹn? Ṣé oníná mànàmáná ni, àbí olùkọ́, àbí wòlíì? Nínú àlọ́, a gba àwọn ọmọ láàyè kí wọ́n máa méfò. Ní ìpàdé, bí ìtumọ̀ kò bá dé nínú gbólóhùn tí ó tẹ̀lé e, àwọn ènìyàn a bínú. Òmíràn ni ìbéèrè tí a lè fi “rárá” dáhùn. “Ǹjẹ́ ẹ ti pàdánù owó rí nítorí àkọsílẹ̀ tí kò péye?” Bàbá tí ó jókòó níwájú ní “Rárá o,” ọ̀rọ̀ sì tán. Kí oníṣirò owó náà sọ pé: “Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá obìnrin aláṣọ kan ka ìwé gbèsè rẹ̀, a rí i pé ẹni méjì ti san owó wọn lẹ́ẹ̀mejì.” Kò sí ẹni tí ó lè fi “rárá” dá ìyẹn lóhùn. Ṣùgbọ́n kí ó gba àṣẹ lẹ́nu obìnrin náà kí ó tó ròyìn rẹ̀, kí ó má sì sọ ohun tí a ó fi mọ ẹni tí ó jẹ́.

Ibi tí kò ti yẹ kí ẹ lò ó

Èyí kò gùn. Ní iwájú adájọ́, lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, tàbí nígbà tí ẹ bá ń pe ilé ìwòsàn lórí fóònù nítorí aláìsàn, orúkọ àti ipò yín ni kí ó ṣáájú, nítorí pé wọ́n ní láti mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbà yín gbọ́. Bákan náà ni láàfin: àwọn tí ó mú yín wọlé ni yóò sọ ẹni tí ẹ jẹ́, ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ ni tiyín. Bí ó bá sì jẹ́ àárín àwọn tí ẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ẹ dárúkọ ipò yín kí ẹ jókòó. Bí ọmọbìnrin wa bá sọ ipò gígùn yẹn láàárín àwọn tí ń tọ́jú abẹ́rẹ́ bíi tirẹ̀, gbogbo wọn ni yóò rí fíríìjì, tí wọn yóò sì gbọ́ ìró omi nínú yìnyín. Àwòrán ti wà lọ́kàn wọn tẹ́lẹ̀.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Alága fún mi, n kò sì fẹ́ fi sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹni kẹsàn-án, tí mo ti dárúkọ ní ẹ̀ẹ̀mejì láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀: ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí, kí ẹ sì tún dìde. Ẹ fún wọn ní ẹ̀rọ amóhùndún-gbẹ̀mù yìí. Ẹ má tíì dárúkọ ilé iṣẹ́ yín, sà. Ẹ kàn sọ fún wa: kí ni ẹ ṣe lánàá, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́?